Ẹnì Kan Ni Wọ́n

Yàrá òtẹ́ẹ̀lì márùn-ún, bọ́ọ̀sì Kósítà kan, oúnjẹ ọ̀sán aláìláta fún èèyàn márùn-ún, àti páálí funfun kan tí wọ́n kọ `NIGERIAN DELEGATION` sí gàdàgbà. Gbogbo èyí ni ọ́fíìsì wa ní Accra pèsè lọ́sẹ̀ tó kọjá fún obìnrin kan ṣoṣo tó gbé àpótí kékeré lọ́wọ́. Èmi ni mo fà á. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan báyìí, tí ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ mọ̀, ni mo sì fi fà á.

Ẹ jẹ́ kí n sáré sọ bí mo ṣe débẹ̀. Ìbàdàn ni mo ti ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó gbé mi wá sí ẹ̀ka wa ní Osu. Mi ò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ náà, torí mo ṣì ń retí owó oṣù. Ní Ìbàdàn, Gẹ̀ẹ́sì tí à ń kọ sí ara wa, Yorùbá tó wọ kóòtù ni. A ó kí ọ̀gá káàárọ̀, a ó kí wọn kú iṣẹ́, a ó kí wọn kú ooru, a ó fi "ma" tàbí "sir" dí ìdí gbolóhùn kọ̀ọ̀kan, kí a tó wá tọrọ bébà ìtẹ̀wé. Ọ̀gá tó ń kà á, etí Yorùbá ló fi ń gbọ́ ọ, nítorí náà kò sí ìjà. Mo gbé àṣà yìí kọjá ẹnubodè Aflao pẹ̀lú ẹrù mi, kò sì sí aṣọ́bodè tó ní kí n tú u wò.

Ọ̀gá tí mò ń kọ̀wé sí jù níbí ni olórí ẹ̀ka ìṣàkóso, ará Gánà kan tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ kí n tó wọ yunifásítì. Màdáámù ni gbogbo ọ́fíìsì ń pè wọ́n. Nígbà tí wọ́n parí ìròyìn àyẹ̀wò owó kan tó gbà wọ́n ní ọ̀pọ̀ òru, tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí gbogbo wa, èmi ni mo kọ́kọ́ fèsì:

```
Good afternoon ma. Well done ma.
```

Èsì dé kíá:

```
Good morning. Thank you for your assessment.
```

Ti àkọ́kọ́, mo gbà. Aago Gánà fi wákàtí kan rẹ̀yìn sí ti Nàìjíríà, kọ̀ǹpútà mi ò sì tíì mọ̀ pé a ti kó kúrò ní Ìbàdàn. Aago méjìlá ti lù lọ́dọ̀ mi, mọ́kànlá ló lù lọ́dọ̀ wọn, bẹ́ẹ̀ ògiri kan ló là wá láàárín. Ìkejì ló ta mí. Nínú èdè wa, "ẹ kú iṣẹ́" kì í ṣe ìdájọ́. Ẹni tó ń gbálẹ̀ ààfin lè fi kí ọba. Kò sọ pé iṣẹ́ náà dára, kò sọ pé kò dára. Ohun tó ń sọ ni pé mo rí yín lẹ́nu rẹ̀. Ṣùgbọ́n "Well done" ti Gẹ̀ẹ́sì, ìgbà tí iṣẹ́ bá parí ni wọ́n ń sọ ọ́, ẹni tó wà lókè ló sì sábà máa ń sọ ọ́ fún ẹni tó wà nísàlẹ̀. Bírò pupa ni tíṣà fi ń kọ ọ́ sínú ìwé ọmọ. Mo ti gba iṣẹ́ ọ̀gá mi, mo ti máàkì í, mo sì ti fún wọn ní gúùdù.

Ohun tó tún jẹ́ kó dùn mí ni pé àwọn ará Gánà ní ìkíni yìí gan-an. "Ayekoo" ni tiwọn. Bí ẹ bá bá èèyàn lẹ́nu iṣẹ́, ẹ ó ní "ayekoo", òun náà á ní "yaa", á sì fi ohun tí ẹ jẹ́ sí i kún un, bíi "yaa ɛna" fún ẹni tó tó ìyá rẹ̀. Ṣùgbọ́n wọn kì í dá ara wọn láàmú láti tú u. Bí wọ́n bá fẹ́ lò ó láàárín Gẹ̀ẹ́sì, "Ayekoo" náà ni wọ́n ń kọ, àní nínú ìwé ìròyìn. Ká ní èmi náà kọ "Ẹ kú iṣẹ́" bó ṣe wà, Màdáámù ì bá béèrè ìtumọ̀ rẹ̀, ọ̀rọ̀ ì bá sì di ẹ̀rín. Èmi ni mo lọ tú u. Àwa àti "kú" yìí sì ti jọ ń bọ̀ tipẹ́: ní Freetown ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí wọ́n ń já àwọn èèyàn wa gbà nínú ọkọ̀ ẹrú, "kú" tí wọ́n ń gbọ́ lẹ́nu wọn láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ ni wọ́n fi sọ wọ́n ní Akú. Àwọn Akú ṣì wà níbẹ̀ dòní.

Lẹ́yìn ìyẹn, mo búra pé mi ò ní kí ẹnikẹ́ni nínú ímeèlì mọ́. Ibẹ̀ ni ìparun mi ti bẹ̀rẹ̀.

Alága ìgbìmọ̀ olùdarí wa ní Ìbàdàn ń bọ̀ wá wo ẹ̀ka Accra. Màmá ni tọmọdé tàgbà ilé iṣẹ́ wa ń pè wọ́n. Wọ́n pè mí lórí fóònù, wọ́n sọ ohun tí wọ́n fẹ́, ó wá ku kí n fi tó Màdáámù létí. Mo gé ìkíni kúrò, mo gé "ma" kúrò, mo kọ ọ́ ṣókí. Mo tún un kà, inú mi dùn:

```
Dear Madam,
Ibadan has called. They will arrive on Wednesday afternoon
and leave on Friday. They will need where to stay near the
office. They do not take pepper at all. They get tired easily,
so please let the driver be patient with them.
```

Ẹ kà á bí ọmọ Yorùbá, ẹ ó rí ìyá àgbà kan tó yẹ ká tọ́jú. Ẹ kà á bí ará Accra, ẹ ó rí ẹgbẹ́ aláìsàn kan tó ń bọ̀ láti Ìbàdàn.

Ẹ gbọ́ bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ná. Nínú iye ni àwa ń tọ́jú ọ̀wọ̀ sí. Ọmọdé ni "o", àgbà ni "ẹ". Ọmọdé ni "ó", àgbà ni "wọ́n". Ọmọ tó bá sọ pé "Màmá ti dé, ó ń sinmi", kí ó yáa wá ibi tí yóò sùn mọ́jú. Nígbà tí mo sì ń kọ ímeèlì yẹn, mo mọ̀ pé "she" ni Gẹ̀ẹ́sì ń fẹ́. Ìka mi dé orí lẹ́tà S, ó kọ̀, ó ṣe bí ìgbà tí mo fẹ́ pe Màmá ní "ó". Bẹ́ẹ̀ "she" kò ní àrífín kankan nínú, kò sì ní ọ̀wọ̀. Láti 1952 títí di 2022 ni Elizabeth Kejì fi wà lórí ìtẹ́, "she" ni àwọn ìwé ìròyìn Lọ́ńdọ́ọ̀nù sì ń pè é láràárọ̀, tí ẹnikẹ́ni ò dọ̀bálẹ̀ tọrọ àforíjì. Èmi tí mi ò tilẹ̀ mọ ìyá wọn ló ń gbọ̀n.

Síbẹ̀, ọ̀nà àbáyọ ṣì wà. Màdáámù kì í ṣe ẹni tó ń fọwọ́ méfò. Wọ́n béèrè:

```
Noted. Kindly confirm number of rooms.
```

Inú tròtrò ni mo wà nígbà tó wọlé, ní Kwame Nkrumah Circle, ìgbọ̀nwọ́ ẹnìkan wà níhà mi, agbọ̀n tòmátì ẹlòmíràn sì wà lórí ẹsẹ̀ mi. Mo rántí ẹ̀kọ́ ilé. Àgbà kan ló fẹ́ gbàlejò, a kì í kọ́ àgbà bí yóò ṣe ṣe é. Ohun tí à ń sọ ni pé ohun tí ẹ bá ṣe ló dára, ọwọ́ yín la wà. Mo sì kọ ọ́ ránṣẹ́:

```
Whatever you do is fine ma. We are in your hands.
```

Ẹ wo "We" yẹn. Iye wọn kò tó mi, mo tún fi ara mi kún un. Wọ́n béèrè iye, ìwà pẹ̀lẹ́ ni mo fi dá wọn lóhùn. Nínú Yorùbá, ẹni tí a fi ọ̀rọ̀ sí lọ́wọ́ bẹ́ẹ̀ á mọ̀ pé a bọlá fún òun, á sì pe ẹlòmíràn láti wádìí iye gan-an. Nínú ímeèlì Gẹ̀ẹ́sì, ìbéèrè tí a kò dáhùn ni. Màdáámù ṣe ohun tí olórí ìṣàkóso tó mọṣẹ́ yẹ kó ṣe: wọ́n lọ wo fáìlì ìbẹ̀wò tó ṣáájú. Èèyàn márùn-ún ló wá láti Ìbàdàn nígbà náà.

Ọjọ́rú dé. Nígbà tí mo rí Kósítà níwájú ọ́fíìsì, mo rò pé ọkọ̀ kékeré ló bàjẹ́. Mo jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà, àga tó ṣófo lẹ́yìn wa ń mì jìgìjìgì títí dé pápá ọkọ̀ òfuurufú, mi ò sì béèrè nǹkan kan. Páálí náà wà ní dídojúdé lábẹ́ apá rẹ̀. Ẹnu ọ̀nà àbájáde ló ti gbé e sókè, ìgbà yẹn sì ni mo lọ ra omi.

Màmá jáde, wọ́n rí páálí, wọ́n sì kọjá lára rẹ̀. Kí ló fẹ́ dá wọn dúró? Wọn kì í ṣe ẹgbẹ́. Ibi tí wọ́n jókòó sí lórí àga irin, tí wọ́n ń fi tíkẹ́ẹ̀tì fẹ́ ara wọn, ni mo ti bá wọn. Mo dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, mo gba àpótí, mo mú wọn tọ dírẹ́bà lọ. Ó kí wọn dáadáa, ó gbé àpótí sọ́kọ̀, ó sì padà lọ gbé páálí sókè.

"Ọ̀gá, jọ̀ọ́, àwọn yòókù ńkọ́?" ló bi mí.

Mo ní àwọn yòókù wo. Ó wò mí bí ẹni tó ń wo aláìsàn, ó fa fóònù yọ, ó pe Màdáámù, ó sì ń fi Twi ṣàlàyé pé ìyá àgbà kan ti dé, ṣùgbọ́n àwọn mẹ́rin kò tíì jáde, ó sì jọ pé ọ̀gbẹ́ni tó wá pàdé wọn kò mọ iye àlejò rẹ̀. Bí mo ṣe mọ ohun tó ń sọ ni pé Màmá yíjú padà, wọ́n sì fi Twi tó já geere dá a lóhùn pé àwọn nìkan làwọn wá. Dírẹ́bà fẹ́rẹ̀ẹ́ ju fóònù sílẹ̀.

Kò sẹ́ni tó sọ fún mi rí pé Accra ni wọ́n bí Màmá sí. Ìyá wọn ń tajà ní Makola, àwọn náà sì ń lọ sí ilé-ìwé níbẹ̀, títí ìjọba Busia fi kéde ní 18 oṣù Kọkànlá 1969 pé kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kó ẹrù wọn láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Wọ́n padà sí Ògbómọ̀ṣọ́ pẹ̀lú ìwọ̀nba aṣọ àti èdè Twi, èdè náà sì ń bẹ lẹ́nu wọn síbẹ̀.

"Kí lo kọ sí wọn?" Màmá na ọwọ́.

Mo gbé fóònù fún wọn. Wọ́n kà á, wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di ẹ̀gbẹ́ bọ́ọ̀sì mú. Lẹ́yìn náà wọ́n dé ìlà tó gbẹ̀yìn, ẹ̀rín sì gbẹ. "Ta ló sọ fún ẹ pé ó máa ń tètè rẹ̀ mí?"

Mo rò pé ó ti tán níbẹ̀. Ṣùgbọ́n fóònù ti gé kí Màdáámù tó gbọ́ èsì Màmá. Wọ́n ti to àga márùn-ún yí tábìlì ká nínú yàrá ìpàdé, wọ́n gbé ìgò omi márùn-ún síwájú wọn, àti ìdì jọ̀lọ́ọ̀fù márùn-ún. Alásè tó sè é dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ojú ẹni tí wọ́n fipá mú dẹ́ṣẹ̀, nítorí jọ̀lọ́ọ̀fù tí kò ní ata, tí wọn ò tún gbọ́dọ̀ gbé ṣitọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kò tíì sè é rí láyé rẹ̀. Gbogbo òṣìṣẹ́ ti péjọ láti kí àlejò. Màdáámù wo ẹnu ọ̀nà, wọ́n wo ẹ̀yìn Màmá, wọ́n wò mí.

"Àwọn dà?"

Ọpọlọ mi ti dákú. Mo nawọ́ méjèèjì sí Màmá, mo sì sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì pé àwọn nìyí.

"Àwọn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni ma. Ẹnì kan ni wọ́n."

Ẹ̀rín tó bọ́ sílẹ̀ nínú yàrá yẹn, mo ṣì ń gbọ́ ọ bí mo bá fẹ́ sùn. Mo tún wá ṣe ohun tí mi ò bá má ṣe: mo mú bírò, mo lọ síbi pátákó funfun, mo kọ "ó" àti "wọ́n" sí i, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ̀gá mi níwájú àwọn ọmọ iṣẹ́ wọn. Màdáámù fara balẹ̀ gbọ́. Wọ́n ní ó yé àwọn. Wọ́n wá béèrè pé bí àwọn àgbà bá wá jẹ́ méjì ní tòótọ́ ńkọ́, báwo la ṣe ń mọ̀ ọ́n yàtọ̀? Mo la ẹnu. Mo ní a máa ń mọ̀. Akáúńtáǹtì bi mí bóyá bí wọ́n ṣe ń ka iye èèyàn ní Ìbàdàn ni wọ́n ṣe ń san owó oṣù.

Màmá ló gbà mí sílẹ̀. Wọ́n rán Màdáámù létí pé nínú Twi, "wo" ni à ń pe ọmọdé, "wo" náà ni à ń pe àgbà, "mepa wo kyɛw" ni a fi ń bu ọ̀wọ̀ sí i. Ìdí nìyẹn tí ará Gánà kì í fi í sọ gbolóhùn Gẹ̀ẹ́sì méjì kí ó má fi "please" sí i, tí dírẹ́bà fi ń bẹ̀ mí nígbà tó ń bú mi. Àwọn náà ń tú tiwọn. Ṣùgbọ́n ẹ̀bẹ̀ tó pọ̀ jù kì í gba yàrá ní òtẹ́ẹ̀lì.

Mo lọ tú ìwé nílé lálẹ́ ọjọ́ náà, bóyá n ó rí ẹni tí mo lè di ẹ̀bi rù. Ẹ jọ̀wọ́, àwọn Gẹ̀ẹ́sì gan-an ṣe irú rẹ̀ rí! "Thou" ni wọ́n ń pe ẹnì kan, "you" ni ti ọ̀pọ̀ èèyàn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í pe ọ̀gá kan ṣoṣo ní "you", gẹ́lẹ́ bí "ẹ" tiwa. Nígbà tó fi di nǹkan bí ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, ẹ̀rù pé kí wọ́n má ṣi èèyàn pè ti jẹ́ kí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ máa pe gbogbo ayé ní "you", "thou" sì ń kú lọ. Ṣùgbọ́n orí ẹni tí à ń bá sọ̀rọ̀ ni wọ́n dúró sí. Fún ẹni tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, wọn ò gbé "they" lé àgbà lórí. Lóòótọ́, wọ́n ń lò ó fún ẹnì kan tí a kò mọ̀ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin, tàbí ẹni tó bá fẹ́ ká pe òun bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ orí kò sí níbẹ̀. Ọ̀nà tí àwa gbà kọjá, ìdajì rẹ̀ ni wọ́n rìn.

Òtẹ́ẹ̀lì ò dá gbogbo owó padà. A fagi lé yàrá mẹ́rin lẹ́yìn àkókò tí wọ́n fún wa, wọ́n sì mú owó alẹ́ kan lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí kò pa mí lẹ́rìn-ín. Ohun tó sì bí mi nínú jù lọ ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ kejì. Mo kọ̀wé sí ọ̀gá kan ní Ìbàdàn lọ́nà tuntun tí mo kọ́: orúkọ oyè àti orúkọ bàbá wọn, ohun tí mo fẹ́, ẹ ṣeun. N kò kọ "sir" sí àárín rẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọ̀rọ̀ ti padà dé etí mi pé Accra ti sọ mí di aláìlẹ́kọ̀ọ́. Ọ̀gá yìí kan náà ló máa ń dá ìwé wa padà pé Gẹ̀ẹ́sì inú rẹ̀ kò dára tó fún àwọn tó ń fún wa lówó! Ìwé méjì ni wọ́n ń fẹ́ láti inú bírò kan, èyí tó bá dé ọ̀dọ̀ wọn ni wọ́n sì máa ń sọ pé kì í ṣe òun.

Mo ti rí ọgbọ́n dá sí i, bó tilẹ̀ jẹ́ ọgbọ́n ojo. Bí ìka mi bá kọ̀ láti tẹ "she", mi ò fipá mú un mọ́. Ipò ẹni náà ni mo ń kọ ní gbogbo ibi tí "wọ́n" ì bá wà. Ká ní mo kọ ti ọjọ́ yẹn báyìí ni:

```
Dear Madam,
Our Board Chair will arrive alone on Wednesday at 2 p.m.
and leave on Friday. Could you please book one room for
two nights? The Chair does not eat pepper.
```

Kò sí "she" níbẹ̀, kò sì sí "they". Ọmọ Yorùbá tó kà á kò ní bínú, ará Gánà tó kà á á mọ iye àga tí yóò gbé kalẹ̀. Kò sí káàárọ̀ tàbí káàsán níbẹ̀, torí a kò mọ ìgbà tí wọn yóò ṣí i. "Could" ni ọ̀wọ̀ ibẹ̀ wà. Gẹ̀ẹ́sì kì í sọ èèyàn di púpọ̀ kó tó bọ̀wọ̀ fún un, ọ̀rọ̀ ìṣe ló máa ń sún sẹ́yìn: "can" á di "could", "will" á di "would", bí ẹni pé àná ni ẹ ti fẹ́ nǹkan náà, tí ẹ ò sì ní rin kinkin mọ́ ọn lónìí. Fún "ẹ kú iṣẹ́", mo ń dárúkọ iṣẹ́ gan-an tí mo fẹ́ dúpẹ́ fún, mi ò sì sọ bó ṣe dára sí. Fún ọ̀gá Ìbàdàn yẹn, mo ń fi "sir" ẹyọ kan sí òkè. Ó tó wọn.

Màmá ti padà sílé. Wọ́n jẹ jọ̀lọ́ọ̀fù ìdì kan, dírẹ́bà sì gbé ìdì mẹ́rin tó kù lọ sí ilé rẹ̀, níbi tí wọ́n ti fi ṣitọ́ tún un ṣe. Màdáámù ò sì tíì sọ̀rọ̀ náà mọ́ láti ọjọ́ yẹn, àyàfi pé ní àná wọ́n kọ ímeèlì kan sí mi, èmi nìkan, kò sí orúkọ ẹlòmíràn lókè rẹ̀. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí:

```
Dear All,
```

Mo fèsì pé àwa ti gbọ́.